Kí ni mo máa kọ sí ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí?

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Ẹ gbà mí. Ọ̀gá wa pè mí lálẹ́ àná pé ìyá ẹni tá a jọ ń lo tábìlì kan ní ọ́fíìsì jáde láyé. Ẹni ọdún 58 ni Màmá. Ọdún 3 la ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tá a jọ ń wọlé ara wa, àmọ́ èèyàn mi ni. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń dà bí èyí tí mo dà kọ lára káàdì. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi rè é:

"Ẹ kú ìnáwó Màmá o. Mo gbọ́ nípa ikú olóògbé, ó dùn mí wọra. Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹ gba kámú, bó ṣe wu Ọlọ́run ló ń ṣe ọlá rẹ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú, á rọ̀ yín lọ́kàn, á dáàbò bo gbogbo ẹbí, á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere, á sì jẹ́ ká dàgbà bíi tiwọn. Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí."

Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

* * *

Ọmọ Ìjàpọ̀

Ó ti gùn jù. Ẹni tó ń sunkún ò lè ka gbogbo ìyẹn. Kọ ọ́ pé "Màmá ti wàjà, ẹ kú ìnáwó, RIP", ó ti tó. Ẹni ọdún 58 tó ti bímọ, tó sì ti rí ọmọ ọmọ, òkú àgbà ni.

* * *

Akọ̀wé Àná

Òótọ́ lo sọ pé ó gùn. Méjì tó kù lo ti ṣì í.

Ọba ló ń wàjà. Ìyá wa máa ń jáde láyé ni, wọ́n máa ń ṣaláìsí. Bí wọ́n bá ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, a lè ní wọ́n papò dà. Ẹni tó bá kọ "wàjà" fún màmá ẹlòmíràn ń wá ọ̀rọ̀ ńlá ni, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni òǹkàwé máa rí dípò kó rí ìwọ tó o kọ ọ́.

Ní ti ìnáwó, a kì í wo ọjọ́ orí ẹni tó lọ nìkan. Òṣìṣẹ́ Alágbàká, kó o tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, jọ̀ọ́ dá mi lóhùn: ìyá tó bí Màmá yìí, ṣé ó ṣì wà láyé?

Mo ń béèrè nítorí ohun tójú mi rí. Ní 2009, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn fún gbogbo ọ́fíìsì. Bàbá awakọ̀ wa kan lọ lẹ́ni 70 ọdún ó lé díẹ̀. Àwọn ọmọ ti tójú bọ́, ọmọ ọmọ ti wà. Mo kọ ọ́ gbàgàdà: Ẹ kú ìnáwó Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ ká dàgbà bíi tiwọn. Mo fi lé e lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó kà á, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ìyá wọn ló wà nílé ní Oǹdó tó ń sunkún ọmọ."

Mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Bí òbí ẹni tó lọ bá ṣì wà láyé, ọ̀fọ̀ ni, ì báà jẹ́ ẹni 70 ló lọ. Ìyá kan ló pàdánù ọmọ nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí wọn kú ìnáwó.

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Ó wà láyé. Ìyá àgbà wà ní Ìdànrè. Oṣù tó kọjá ni ẹnìkejì mi lọ kí wọn, ó sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ fún wa. Mi ò ronú dé ibẹ̀ rárá.

* * *

Bàbá Ìdànrè

Mo kí yín o. Ní tiwa, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, ₦2,000 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá, ọ̀gá máa ń dá ₦10,000, a ó wá rán ẹni méjì lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Ẹ má fi owó ọ̀hún falẹ̀, torí ilé ìtọ́jú òkú ò mọ aláìní. Bí wọ́n bá sì yan aṣọ, ẹ tètè bi wọ́n léèlò.

* * *

Akọ̀wé Àná

Bàbá, ọ̀rọ̀ tó máa kọ ló ń béèrè, kì í ṣe owó tó máa dá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ díẹ̀, torí owó àti ọ̀rọ̀ ti ń kọlu ara wọn lórí fóònù báyìí.

Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ tó dáa, láàárín ìṣẹ́jú 1 owó á ti tẹ̀ lé e. Alẹ́ẹ̀tì bánkì á wá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí á dúpẹ́ owó, kò ní dá ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ lónìí, kí owó lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Níbi tí bánkì ti ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé owó, orúkọ yín nìkan ni kẹ́ ẹ kọ. Mo ti rí i tí wọ́n kọ "owó ikú ìyá" síbẹ̀. Títí ayé ni yóò máa bá a nínú àkọsílẹ̀ owó rẹ̀, ìgbàkígbà tó bá ń wo iye tó kù nínú àpò ni yóò máa pàdé ẹ̀.

* * *

Bàbá Ìdànrè

Ó yé mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mo mọ̀. Bí ìyá àgbà bá wà ní Ìdànrè níbí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì sọ fún wọn. A kì í ṣàdédé já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé arúgbó láyà. Wọ́n á wá ẹni tí wọ́n máa rán, wọ́n á dúró de ọmọ kan tí yóò ti ọ̀nà jíjìn dé, nígbà míì ọ̀sẹ̀ 1 á kọjá. Ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa láti Àkúrẹ́.

* * *

Akọ̀wé Àná

Ibi tí mo fẹ́ lọ gan-an nìyẹn, Bàbá. Ẹ ṣé.

Ẹbí ló ń túfọ̀. Ìwọ tí ọ̀gá pè lálẹ́, o ti gbọ́ kí wọ́n tó túfọ̀ fún gbogbo ayé. Torí náà, má gbé e sí gírúùpù, má gbé e sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ, má sì fi àwòrán Màmá sí ibikíbi títí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò fi gbé e jáde. Nínú ọ̀rọ̀ tó o máa kọ, fi hàn án pé o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú kan, "mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni", á mú ẹrù kan kúrò lórí rẹ̀, torí ó dájú pé ó ti ń rò ó pé ta ló ti gbọ́, ta ni kò tíì gbọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó o kọ.

"Ẹ kú ìnáwó" ti di "ẹ kú ọ̀fọ̀". Bí o ò bá ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà lórí fóònù rẹ, "e ku ofo" ló máa hàn, èèyàn sì lè ṣèèṣì kà á bí òfo. Fara balẹ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan yẹn ó kéré tán. Bí kò bá ṣeé ṣe, kọ "ẹ kú ìrọ́jú", òun náà dáa, kò sì ní ṣini lọ́nà.

"Olóògbé" ò dáa ní ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ ìwé ìkéde ni, ọ̀rọ̀ bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Lánàá, Màmá ni wọ́n. Lónìí, Màmá náà ni.

"Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín." Ṣé ìyá tìrẹ ti lọ? Bó bá ti lọ, o mọ bó ṣe ṣe ìwọ. Bí kò bá tíì lọ, ó mọ̀ pé ìyá rẹ wà láyé, ọ̀rọ̀ yẹn á sì ta á lára.

"Ẹ gba kámú" ni mo kórìíra jù. Àṣẹ ni. Òkú ò tíì pé wákàtí 24, a ti ń sọ fún ọmọ bó ṣe máa gbé e. Àgbà inú ẹbí lè sọ ọ́ lójúkojú, tó di í lọ́wọ́ mú. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò lè fi fóònù sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, àdúrà. Mo ka márùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kó o yọ gbogbo wọn ò mọ ilé wa, torí ìbánikẹ́dùn tí kò ní àdúrà máa ń gbẹ létí Yorùbá. Ṣùgbọ́n àdúrà márùn-ún tò tẹ̀ léra, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dà bíi káàdì, ojú òǹkàwé á kàn máa sáré gbà á kọjá ni. Fi ọ̀kan sílẹ̀. "Á jẹ́ ká dàgbà bíi tiwọn" ò lè wà níbẹ̀ mọ́ rárá, torí a ò gbàdúrà kẹ́nikẹ́ni lọ lẹ́ni 58 kí ìyá rẹ̀ máa sunkún.

* * *

Ọmọ Ìjàpọ̀

Mo gbà pé mo ṣi wàjà sọ, mo sì dúpẹ́. Ti ìyá àgbà yẹn náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí pé kó kúrú. Bí ẹ bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí, kí ló kù? "Ẹ kú ọ̀fọ̀" àti àdúrà kan. Kí ló wá yàtọ̀ sí RIP?

* * *

Akọ̀wé Àná

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ohun tó kù ni ohun tí ẹlòmíràn ò lè kọ. Òṣìṣẹ́ Alágbàká, sọ fún wa: kí lo mọ̀ nípa Màmá yìí? Ohun tó o fojú rí tàbí tó o fetí gbọ́ ni kó o sọ. Má sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n.

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Mi ò rí wọn rí. Nǹkan méjì ni mo mọ̀.

Bí àgbàdo bá ti dé, wọ́n máa ń se é, wọ́n á fi rán ọmọ wọn sí mi. Inú ọ̀rá dúdú ni, wọ́n á ta kókó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kókó ọ̀hún á le débi pé ẹnu la fi ń já a. Á ṣì máa gbóná tó bá fi dé tábìlì wa ní aago 8.

Ìkejì, aago 1 ọ̀sán ni wọ́n máa ń pè é lójoojúmọ́. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ibi tí mo jókòó sí: "Ṣé o ti jẹun?" Kì í ju ìyẹn lọ. Á ní "Mo ti jẹun, Màmá", kódà bí kò tíì jẹun.

* * *

Opó Òkè Àró

Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ipè aago 1 yẹn ti mú omi bọ́ lójú mi.

Ọkọ mi, tí wọ́n ń pè ní Alùfáà, lọ ní 2019. Mùsùlùmí ni wá, a ti sin ín kí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́. Ọ́fíìsì ò tíì gbọ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ kejì, fóònù mi ò dákẹ́. Mi ò lè sọ fún yín pé mo rántí mẹ́ta nínú gbogbo wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹlòmíràn kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tá a jọ ń fi Yorùbá bára wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé ó lọ wọ kóòtù àti táì kó tó wá kí mi.

Èyí tí mo rántí dé ní oṣù kẹta. Mo ṣì wà nínú opó, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni ti ẹ̀sìn wa. Àwọn àlejò ti tán, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ti 40 náà ti kọjá. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ní ọ́fíìsì wa kọ ọ́ pé: "Mo kọjá níbi tí Alùfáà máa ń dá ọ̀kadà dúró sí tí wọ́n bá wá gbé yín. Mo rántí wọn. Mi ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, mo kàn ní kí n sọ fún yín ni." Ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Torí náà, kó o kọ tòní o, àmọ́ má jẹ́ kí tòní jẹ́ ìkẹyìn.

* * *

Akọ̀wé Àná

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ wa ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Òṣìṣẹ́ Alágbàká, àgbàdo ni kó o mú lónìí. Fi ipè aago 1 sílẹ̀. Àgbàdo jẹ́ ohun tí Màmá ṣe fún ìwọ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Ipè yẹn jẹ́ ti àwọn méjèèjì, o kàn ṣèèṣì ń gbọ́ ọ ni. Lónìí, aago 1 ti lu, fóònù ò dún, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀. Tọ́jú ẹ̀. Bó bá di oṣù kẹta, bí òun bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀, nígbà yẹn kó o sọ pé ìwọ náà máa ń gbọ́ ọ.

* * *

Opó Òkè Àró

Mi ò bá yín gbà níbẹ̀, sà. Èmi ì bá fẹ́ kẹ́nìkan sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an pé òun náà gbọ́ ohùn ọkọ mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni pé kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ ọ yàtọ̀ sí mi.

* * *

Akọ̀wé Àná

Mo gbọ́ ọ, mi ò sì lè sọ pé o ṣìnà. Àwọn kan dà bíi tìrẹ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé a ò mọ ibi tó máa wà nígbà tó bá ṣí fóònù, bóyá àárín àwọn àlejò ni, tí gbogbo wọn ń wò ó. Ìdí kan náà ni mi ò fi fẹ́ kó fi ohùn ránṣẹ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ kíkọ, á kà á nígbà tó bá wù ú. Ohùn, ó ní láti gbé e sétí, ẹni tó jókòó tì í náà á sì gbọ́.

Nǹkan kan ló kù. "Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí." O ti gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Òun ni yóò ronú ohun tó nílò, òun ni yóò pè, òun ni yóò bẹ̀ ọ́. Kí ló wà lórí tábìlì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Ìwé owó oṣù. Ó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́bọ̀. Òun ló máa ń ṣe é, èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀rù á ti máa bà á, mo mọ̀ ọ́n.

Mo tún fẹ́ béèrè: ọdún 4 ni mo fi jù ú lọ, ó máa ń pè mí ní àǹtí. Ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ga ju tèmi lọ ní ọ́fíìsì, "ẹ" la ń pe ara wa. Ṣé kí n kọ "o" kó lè sún mọ́ra?

* * *

Akọ̀wé Àná

"Ẹ" tó o ń pè é lójoojúmọ́ ni kó o kọ. Bó bá rí "o" lójijì, á kọ́kọ́ máa rò ó pé kí ló yí padà. Ohun tó mọ̀ mọ́ ọ ni kó bá nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kọ ọ́ báyìí, kó o wá tún un ṣe sí ẹnu ara rẹ:

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọ̀gá ló pè mí lálẹ́ àná, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbàdo tí Màmá máa ń fi rán yín sí mi, tí wọ́n á ta kókó ọ̀rá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ni mo ń rántí láti òwúrọ̀. Wọn ò rí mi rí, wọ́n sì ń bọ́ mi. Ìwé owó oṣù ti wà lọ́wọ́ mi, á jáde lọ́jọ́bọ̀, ẹ má ronú kàn án. Ọlọ́run á dúró tì yín. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn."

Kí o tó kọ pé ìwé owó oṣù wà lọ́wọ́ rẹ, lọ gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá ná. Má ṣèlérí ohun tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ. Má sì béèrè "báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" tàbí "kí ló ṣe wọ́n?" Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa béèrè ẹ̀, á sì máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

* * *

Opó Òkè Àró

Ó dáa gan-an. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni mi ò fẹ́. "Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn" lè dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Mo lè fẹ́ dáhùn.

* * *

Ọmọ Ìjàpọ̀

Èmi fẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ, ìdáhùn ló pa mí. Mo ń kọ "ẹ ṣé" títí ọwọ́ mi fi ń dùn mí. Ì bá tù mí lára bẹ́nì kan bá ní kí n fi sílẹ̀. Mo sì ti rí ohun tẹ́ ẹ ń sọ nípa àgbàdo yẹn. Mo gbà.

* * *

Akọ̀wé Àná

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ti ṣọ̀fọ̀, ẹ ò sì bára yín mu. Òṣìṣẹ́ Alágbàká ló mọ ẹnìkejì rẹ̀, kó yàn fúnra rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ gbólóhùn yẹn, kó kọ "ìgbàkígbà tó bá wù yín lẹ lè dá mi lóhùn", ó wà láàárín méjèèjì.

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Wàhálà dé. Ẹnìkan ní ẹ̀ka kejì ti gbé àwòrán àbẹ́là sí gírúùpù ọ́fíìsì, ó kọ "RIP Mama" pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n bí. Èèyàn 9 ti ń dáhùn. Ọmọ Ìdànrè méjì wà nínú gírúùpù náà.

* * *

Akọ̀wé Àná

Má sọ̀rọ̀ nínú gírúùpù, gbogbo wọn á tún wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Pe ẹni tó gbé e sí i lórí fóònù báyìí. Sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé àgbà kan wà tí wọn ò tíì sọ fún, kó tẹ ìka mọ́ àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, kó yan "Delete", kó sì tẹ "Delete for everyone". Bí kò bá gbé ìpè, pe alábòójútó gírúùpù, òun náà lè pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà, pe àwọn ọmọ Ìdànrè méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Pípa á rẹ́ ò tó, torí wọ́n lè ti kà á.

* * *

Bàbá Ìdànrè

Kí wọ́n má pe ilé o. Kí wọ́n má ṣe "ẹ kú ọ̀fọ̀" sí ẹnikẹ́ni níbí títí wọ́n á fi gbọ́ pé wọ́n ti sọ ọ́.

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Ó ti pa á rẹ́. Ara rẹ̀ ò gbà á nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní òun ò mọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ mi. Ọ̀kan ti fẹ́ pe ìyá rẹ̀.

Mo ti gba ìwé owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 10. Mo yọ "ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn", mo fi "ìgbàkígbà tó bá wù yín" sí i. Mi ò fọwọ́ kan ìyókù. Àmì méjì náà ti di búlúù, kò sí èsì.

* * *

Akọ̀wé Àná

Ó ti kà á. Má fi ìkejì tẹ̀ lé e lálẹ́ yìí.

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Ọjọ́ kẹta rè é. Ó dáhùn láàárọ̀ yìí: "Ẹ ṣé, àǹtí. Wọ́n sọ fún Màmá àgbà lánàá. Àgbàdo tí Màmá sè gbẹ̀yìn ṣì wà nínú fíríìjì, mi ò lè tú kókó ọ̀rá ẹ̀."

Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún wákàtí 1. Kí ni mo máa kọ?

* * *

Akọ̀wé Àná

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń lé yín." Má fi nǹkan kan kún un.

* * *

Opó Òkè Àró

Tàbí kó má kọ nǹkan kan, kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kó jókòó tì í. Èmi ò ní tú u fún un, ṣùgbọ́n mo máa jókòó síbẹ̀.

* * *

Òṣìṣẹ́ Alágbàká

Mo kọ ọ́ bí Akọ̀wé ṣe sọ. Ó ní kí n máa bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ parí ìwé owó oṣù, ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.